Mo gbé owó lọ sí báńkì, wọ́n ní kí n sọ ibi tí mo ti rí i

Ìyá Elépo, Ọjà Ọba Adó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èpo pupa ni mò ń tà l'Ádó-Èkìtì. Mo kó ₦6,500,000 lọ sí báńkì kí n lè fi sanwó ọkọ̀ akẹ́rù àlòkù kan. Ọmọbìnrin tó wà nídìí owó kà á tán, ó wá bi mí pé níbo ni mo ti rí i, ó sì na fọ́ọ̀mù kan sí mi. Inú bí mi. Mo palẹ̀ owó mi mọ́, mo gbé e padà sílé. Ṣé olè ni wọ́n fẹ́ pè mí ni? Kí ló kan báńkì nínú ibi tí mo ti rí owó mi? Àwọn kan ní kí n pín in sí méjì, kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

———

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Mọ̀mí, ẹ má da ara yín láàmú. Mílíọ̀nù 5 ni ààlà. Ẹ san ₦4,900,000 lọ́jọ́ Ajé, ẹ san ₦1,600,000 tó kù lọ́jọ́bọ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi yín ní nǹkan kan. Bí gbogbo àwa tá a wà lọ́jà ṣe ń ṣe é nìyẹn.

———

Akọ̀wé Adó

Ìyá Elépo, ẹ kú wàhálà. Mo ṣiṣẹ́ báńkì l'Ádó yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìdí owó gbígbà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ìdí àyẹ̀wò ìwé àwọn oníbàárà ni mo parí rẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ lóhùn, torí ìmọ̀ràn rẹ̀ lè kó yín sí ìjọ̀ngbọ̀n tí kò sí nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, òótọ́ ni pé ₦5,000,000 wà nínú òfin. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 lórí fífọ owó ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ló ní kí báńkì kọ̀wé sí NFIU, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ bí owó ṣe ń rìn, nígbà tí ẹnì kan bá san owó tó ju iye yẹn lọ lẹ́ẹ̀kan. Ti iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ jẹ́ ₦10,000,000. Àmọ́ ìwé yẹn kì í ṣe ẹ̀sùn. Bí ọba ló san owó náà, wọ́n á kọ ọ́. Bí àlùfáà ló san án, wọ́n á kọ ọ́. Orúkọ Ìyá Elépo á kàn wà láàárín orúkọ àwọn oníkòkó, àwọn tó ń ta sìmẹ́ǹtì, àti àwọn tó ni ilé epo, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ wọn sì ń parí sí.

Ohun tó wá burú ni pípín in. Òfin kan náà ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pín owó, ì báà jẹ́ ní báńkì kan tàbí ní báńkì púpọ̀, kí ìwé yẹn má baà jáde, ó ti ṣẹ̀. Owó náà ì báà mọ́ bí omi, pípín yẹn fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ sì wo iye tí o dá lábàá: ₦4,900,000 lọ́jọ́ Ajé, ₦1,600,000 lọ́jọ́bọ̀, sínú àkáǹtì tí kì í gbà ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ lójúmọ́. Ohun tí kọ̀mpútà báńkì ń wá gan-an nìyẹn. Bó bá ti rí i, irú ìwé mìíràn ni báńkì máa kọ, ìyẹn ìwé ìfura. Ìwé ìfura kò ní ààlà owó kankan.

———

Aláta Ọjà Bísì

Ẹ dákun Bàbá, ẹ̀rù ti bà mí báyìí. Èmi máa ń san ₦250,000, ₦300,000 sí báńkì lójoojúmọ́, torí n kì í fẹ́ kí owó sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá rò ó pọ̀ lóṣù, ó ju mílíọ̀nù 5 lọ dáadáa. Ṣé èmi náà ń pín owó nìyẹn?

———

Akọ̀wé Adó

Rárá o, ọmọ mi. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni ni òfin ń wò. Owó tí o tà lónìí lò ń san lónìí, bí ọjà rẹ ṣe ń lọ nìyẹn, ẹni tó bá wo àkáǹtì rẹ fún oṣù mẹ́fà máa rí i pé ata lò ń tà. Ẹni tó ti ní ₦6,500,000 nílé lẹ́ẹ̀kan náà, tó wá ń gé e kéékèèké, ìyẹn ni òfin ń bá wí. Máa bá tìẹ lọ. Ó tiẹ̀ sàn ju pé kí o kó o jọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ.

———

Bàbá Oníkòkó

Gbogbo àlàyé yìí dára, àmọ́ ẹ má tan ara yín. Owó orí ni wọ́n ń wá. Ìjọba fẹ́ mọ ẹni tó lówó ni. Èmi ti ń ra kòkó láti ìgbà tí àwọn ọmọ tó ń béèrè ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ò tíì dáyé. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n á gba owó ẹni, wọ́n á tún fún ẹni ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò mu.

———

Akọ̀wé Adó

Bàbá, mo gbà pé láyé ìgbà yẹn wọn kì í béèrè. Mo wà níbẹ̀. Àmọ́ lórí owó orí, ẹ jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀. Owó tó wọ àkáǹtì kì í ṣe èrè. Bí Ìyá Elépo bá san ₦6,500,000, owó tí ó fi ra èpo wà nínú rẹ̀, owó mọ́tò wà nínú rẹ̀, owó èsúsú tún lè wà nínú rẹ̀. Orí èrè tó kù ni owó orí ń lọ, òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2026 sì ní kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú ohun tó wọlé fún ẹni lọ́dún. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n na sí i kò béèrè èrè. Ibi tí owó ti wá nìkan ló béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tó fi jẹ́ owó pépà ni wọ́n ń bi léèrè bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa níbí. Ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2024, ẹ ò lè gbàgbé. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà nílẹ̀ Èkìtì, ọjọ́ náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn tó ń tọ́jú wọn gbé ní Ẹmùrè. Ajínigbé kì í sọ pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun. Owó pépà ló ń béèrè. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò sì lè wà nínú igbó títí. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan máa gbé e wọlé, ó máa pè é ní owó màálù, tàbí owó èpo, tàbí owó pákó, á wá gbé e dé iwájú kaṣíà.

Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti àkáǹtì kan sí òmíràn ní àpá lẹ́yìn: a mọ ibi tó ti wá, a mọ BVN ẹni tó fi ránṣẹ́. Owó pépà kò ní àpá kankan. Kaṣíà yẹn ni ẹni àkọ́kọ́ tó lè béèrè, òun náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Bí owó bá ti wọ àkáǹtì tán, tí wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí ibòmíràn lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó tún lè ya owó èpo sọ́tọ̀ kúrò lára owó ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, torí ojú oníṣòwò kan náà ni ẹni tó ń parọ́ máa gbé wá. Bí kaṣíà bá sì fojú fò ó, òfin lè mú òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe báńkì nìkan.

———

Bàbá Oníkòkó

Ti Ẹmùrè yẹn, mo gbọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ládùúgbò náà. Àmọ́ mo ṣì ń wí pé iléeṣẹ́ ìjọba ń fún ara wọn ní ìwé. Ohun tí NFIU bá mọ̀ lónìí, àwọn olówó orí lè mọ̀ lọ́la.

———

Akọ̀wé Adó

Ẹ ò parọ́ níbẹ̀ yẹn, Bàbá. Mi ò lè bá yín jiyàn lórí ìyẹn.

———

Àǹtí Aláṣọ

Ẹ gbọ́ tèmi. Ọdún tó kọjá, mo san ₦1,200,000 sí àkáǹtì mi. Kò tó mílíọ̀nù 5, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, n kò lè fi owó ránṣẹ́, n kò lè yọ owó. Ẹni tí mo jẹ lówó aṣọ n'Íbàdàn ń pè mí láràárọ̀. Mo lọ síbẹ̀, mo pariwo títí. Ìgbà tí wọ́n wá ṣí ìwé mi sílẹ̀, kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́! Ìgbà tí mo wà nílé-ẹ̀kọ́ n'Íkẹ́rẹ́ ni mo ṣí àkáǹtì yẹn. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ mi, akẹ́kọ̀ọ́ ni mo kọ. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye tó lè máa wọlé lóṣù, ₦20,000 ni mo kọ. Mo ti ṣe tán, mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ méjì, mo ti ń ta léèsì àti àǹkárá, lójú báńkì mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ₦20,000.

———

Akọ̀wé Adó

Àǹtí Aláṣọ ti fọwọ́ kan ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wà gan-an. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí.

Kì í ṣe bí owó ṣe pọ̀ tó ni báńkì fi ń mọ èyí tó yẹ kó fura sí. Ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ṣí àkáǹtì ló ń fi wé owó tó ń wọlé. Alágbàṣe ilé lè san mílíọ̀nù 20 kí ó má fa ìbéèrè tó gùn, torí ìwé rẹ̀ sọ pé alágbàṣe ni, àkáǹtì rẹ̀ sì ti ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó san ₦1,200,000, kọ̀mpútà á kígbe. Mo ti rí àwọn oníṣòwò tó ti tó ogún ọdún lọ́jà tí ìwé wọn ṣì ń sọ pé "kò níṣẹ́ lọ́wọ́" tàbí "ìyàwó ilé", torí pé ẹni tó bá wọn kọ fọ́ọ̀mù kò bi wọ́n, ohun tó wù ú ló kọ. Ẹni tí ìwé rẹ̀ rí báyìí, ọjọ́ tó bá san owó ńlá ni ìyà ìwé náà máa jẹ ẹ́.

Ẹ lọ tún un ṣe kí owó tó dé, ẹ má dúró di ọjọ́ tí ẹ gbé owó lọ. Ẹ mú NIN yín àti BVN, ẹ mú ìwé iná tàbí ìwé tó fi ibi tí ẹ ń gbé hàn. Bí ẹ bá ti fi orúkọ òwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ mú ìwé rẹ̀ dání. Bí ẹ kò bá tíì ṣe é, lẹ́tà láti ọwọ́ ìyálọ́jà tàbí ẹgbẹ́ yín lọ́jà ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n kọ iṣẹ́ yín gan-an, kí wọ́n kọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà, kí wọ́n sì kọ iye tó ń wọlé lóṣù bó ṣe rí ní òótọ́. Ibi yìí ni àwọn oníṣòwò ti máa ń dín in kù nítorí ẹ̀rù owó orí, bí irú èyí tó ń ba Bàbá Oníkòkó. Iye kékeré tí ẹ bá kọ síbẹ̀ ló máa padà wá dá yín dúró.

———

Ìyá Elépo, Ọjà Ọba Adó

Ẹ ṣeun gan-an. Inú mi ti rọ̀ díẹ̀. Àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni pé ojú gbogbo èrò ló ti béèrè. Ọ̀dọ́kùnrin kan dúró lẹ́yìn mi, etí rẹ̀ nà sílẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí dé ilé. Lórí ibi tí mo ti rí owó, mo lè sọ ọ́, kò sí àṣírí níbẹ̀. Mo ta èpo kẹ́ẹ̀gì 60, àwọn onílítà 25 yẹn, ní ₦45,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ₦2,700,000. Èsúsú kàn mí, a jẹ́ 20, ₦100,000 ni a ń dá lóṣù, mo gba ₦2,000,000. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ kan tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo tà á ní ₦1,800,000. Ìyẹn ló pé ₦6,500,000.

Ọkọ mi tún ní kí n kúkú gbé owó náà fún ẹni tó ni ọkọ̀, ká má lọ sí báńkì mọ́ rárá.

———

Akọ̀wé Adó

Ẹ má gbé e fún un. Òfin 2022 yẹn kan náà ló ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi owó pépà tó ju ₦5,000,000 lọ sanwó fún ẹlòmíràn, àfi kí ó gba ọwọ́ báńkì kọjá. Ẹni tó san án dẹ́ṣẹ̀, ẹni tó gbà á náà dẹ́ṣẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ọkọ̀ náà bá ní ẹjọ́ lẹ́yìn, kí lẹ máa fi hàn pé ẹ sanwó?

Lórí ojú èrò, ẹ̀yin lẹ jàre. Kò yẹ kí kaṣíà béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lórí ìlà. Ẹ lọ bá máníjà tàbí òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó àkáǹtì yín ní ọjọ́ kan ṣáájú, lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ sọ fún un pé owó kan ń bọ̀, ẹ fi ìwé hàn án, ẹ ní inú yàrá lẹ ti fẹ́ ka owó náà. Wọ́n máa ń gbà bẹ́ẹ̀ fún owó ńlá.

Ẹ jẹ́ ká wá kọ fọ́ọ̀mù yín. Ẹ má kọ "owó òwò" nìkan kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó máa kà á lẹ́yìn yín. Ọ̀nà mẹ́ta ni owó yín gbà wá, ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀tọ̀ pẹ̀lú iye wọn. Ti èpo, ẹ mú ìwé tí ẹ fi ń kọ ọjà tí ẹ tà dání, àti rìsíìtì àwọn tí ẹ ti ra èpo lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ kì í bá gba rìsíìtì, ìwé ọjà yín pẹ̀lú déètì á ṣeé lò, bí ó ti wù kí èpo ti ta sí i lára tó. Ìwé tí èpo ta sí lára, tí bírò rẹ̀ yàtọ̀ síra láti ojú ìwé dé ojú ìwé, a máa ń gbà á gbọ́ ju èyí tí wọ́n jókòó kọ tán lóru ọjọ́ kan. Èyí tí wọ́n kọ lóru ọjọ́ kan máa ń hàn: bírò kan náà, ọwọ́ kan náà, láìsí ibi tí wọ́n ti fa ìlà sí i.

Ti èsúsú, ẹ mú káàdì yín, kí olórí ẹgbẹ́ sì kọ ìwé kékeré kan pé oṣù yìí lẹ gbà, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n lè pè é, wọ́n sì lè má pè é.

Ti ilẹ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí ilẹ̀ ni àwọn tó ń parọ́ máa ń fi bojú jù. Ẹ mú ìwé àdéhùn tó ní orúkọ ẹni tó rà á, ibi tí ilẹ̀ wà, iye rẹ̀, àti àwọn ẹlẹ́rìí. Ìbéèrè kan tún wà: ṣé ẹni tó rà á yọ owó náà ní báńkì ni? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wo bébà pẹlẹbẹ tó yí ìdì owó náà ká. Òǹtẹ̀ ẹ̀ka báńkì tó ti jáde àti déètì máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ má já a sọnù. Bí déètì ara bébà yẹn bá bá ti ìwé àdéhùn yín mu, ẹ ò tún ní láti sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́.

Kaṣíà tó mọṣẹ́ á tiẹ̀ fojú owó mọ púpọ̀. Owó èpo máa ń jẹ́ àdàlù, ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti igba, ó máa ń ká wọ́lọwọ̀lọ. Bí ẹ bá sọ pé owó èpo ni gbogbo ₦6,500,000, tí ìdì mọ́kànlá sì wà níbẹ̀ tó tuntun gbirigbiri pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn lára, ọ̀rọ̀ yín kò bá owó yín mu. Òótọ́ ni ẹ sọ pé ẹ lówó, àmọ́ ẹ ti fi ti ilẹ̀ pamọ́ láìnídìí, ó sì ti dà bí irọ́.

———

Píọ́ẹ́ẹ̀sì Ìjerò

Ẹ̀yin ń sọ ti fọ́ọ̀mù, ti owó tí wọ́n ń yọ lára ẹni ńkọ́? Mo san owó sí báńkì ní ìgbà kan, wọ́n yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó ju ₦500,000 lọ. Ṣé ìyẹn náà jẹ́ tìtorí olè?

———

Akọ̀wé Adó

Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, àbúrò. Ti pé kí ènìyàn dín owó pépà kù ni báńkì àpapọ̀ ṣe gbé ìyẹn jáde. Wọ́n ti dá a dúró, wọ́n tún ti dá a padà, títí tí ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2026 fi yọ owó tí wọ́n ń gbà lórí sísan owó wọlé kúrò. Orí yíyọ owó jáde ló kù sí báyìí. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ sí ọ, fi ìwé sùn wọ́n kí wọ́n dá a padà fún ọ.

———

Alájọ Ìkọ̀lé

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀. Tèmi ló le jù. Àwọn obìnrin tó tó 40 ni mò ń gba àjọ lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀mùò. Inú àkáǹtì èmi fúnra mi ni mo ń kó owó wọn sí títí dìgbà tí oṣù bá parí. Bí wọ́n bá bi mí pé níbo ni mo ti rí owó, kí ni kí n sọ? Kì í ṣe owó mi, àmọ́ mi ò jí i.

———

Akọ̀wé Adó

Alájọ, ẹ sọ ohun tó jẹ́ òótọ́: owó àjọ ni, owó àwọn ènìyàn ni. Ẹ má pè é ní owó òwò yín láéláé. Báńkì fẹ́ mọ ẹni tó ni owó gan-an, kì í ṣe ẹni tó gbé e wá nìkan. Ohun tó dára jù ni kí ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ ní orúkọ ẹgbẹ́ àjọ náà, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i, kí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú ìwé. Bí ẹ bá ń da owó àwọn 40 pọ̀ mọ́ owó yín, lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá àkáǹtì yín dúró nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn, owó gbogbo wọn ló há.

———

Alájọ Ìkọ̀lé

Bàbá, ẹ gbọ́ mi yé. Ìdajì nínú àwọn obìnrin yìí ń dá àjọ láìjẹ́ kí ọkọ wọn mọ̀. Nítorí owó ilé-ìwé ọmọ ni, nítorí ọjọ́ àìsàn ni. Bí mo bá ní kí wọ́n wá kọ orúkọ sínú ìwé báńkì, wọ́n á sá. Wọ́n á lọ máa tọ́jú owó sínú ìkòkò, àwọn olè á sì wá kó o.

———

Àǹtí Aláṣọ

Òótọ́ ni Alájọ sọ. Èmi náà ń dá àjọ tí ọkọ mi ò mọ̀. N kò ní kọ orúkọ mi síbẹ̀.

———

Akọ̀wé Adó

Mo gbọ́ yín, ẹ̀yin méjèèjì. Báńkì kì í pe ọkọ ẹnikẹ́ni láti fi orúkọ hàn án, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀rù kì í tẹ̀lé òfin. Bí wọn kò bá gbà kí orúkọ wọn lọ sí báńkì, ó kéré tán kí ìwé àjọ yín wà, kí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì má fi àkáǹtì tí ẹ fi ń jẹun gbà á. Ìyẹn ò yanjú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa rí ohun fi hàn bí wọ́n bá béèrè.

———

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń fẹ́ kí n máa fi àkáǹtì mi gba owó fún ọ̀rẹ́ òun kan, kí n sì máa fi ránṣẹ́ síwájú. Wọ́n á fún mi ní díẹ̀. Tí wọ́n bá bi mí, ṣé mo lè sọ pé owó ẹ̀gbọ́n mi ni?

———

Akọ̀wé Adó

Má ṣe é. Mo ń sọ ọ́ bí bàbá. Owó ẹni tí o kò mọ̀, tí o kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, tí ó bá gba inú àkáǹtì rẹ kọjá, BVN rẹ ni EFCC máa rí. Ọ̀rẹ́ yẹn kò sí nínú ìwé kankan. Ìwé báńkì sì máa wà níbẹ̀ fún ọdún 5 ó kéré tán, bí o tilẹ̀ ti ti àkáǹtì pa.

———

Ìyá Elépo, Ọjà Ọba Adó

Ẹ kú àtìlẹyìn. Mo lọ bá máníjà lánàá lọ́wọ́ òfìfo bí ẹ ṣe wí. Wọ́n ní kí n jókòó sínú yàrá, wọ́n sì ṣí ìwé mi. "Ìyàwó ilé" ni wọ́n kọ sí i! Wọ́n ti yí i padà sí oníṣòwò èpo, wọ́n sì ya fọ́tò ṣọ́ọ̀bù mi láti inú fóònù mi. Èsúsú, wọn ò bi mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìwé ọjà mi, wọ́n ṣí i ní ojú ìwé méjì péré. Ti ilẹ̀ ni wọ́n pẹ́ lé lórí: ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí méjì tó fọwọ́ sí ìwé ti kú. Ṣé ìyẹn máa da ọ̀rọ̀ rú?

———

Akọ̀wé Adó

Kò ní dà á rú. Ẹlẹ́rìí kejì ṣì wà, ẹni tó ra ilẹ̀ sì wà. Ẹ gba fótókọ́pì ìwé ìdánimọ̀ ẹni tó rà á, ẹ so ó mọ́ ìwé àdéhùn. Bó bá fi owó náà ránṣẹ́ láti àkáǹtì sí àkáǹtì nígbà kan rí, bó tilẹ̀ jẹ́ owó àsansílẹ̀, ẹ tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti san án, ẹ ní kí báńkì fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì ẹni tó ni ọkọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìdí tí ẹ fi ń fi owó ránṣẹ́. Ẹ má sì bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ti kọ ìwé ìfura nípa yín. Òfin kò jẹ́ kí wọ́n dáhùn, ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ sì ń mú kí wọ́n máa wo ẹni lẹ́ẹ̀kejì.